Sitabiláísà, Sọ́ọ̀jì Purotẹ́kítọ̀ àti Yú-Pí-Ẹ́ẹ̀sì: Èwo Ni ti Fíríìjì, Èwo Ni ti Tẹlifíṣàn?

Títún fíríìjì ṣe ni iṣẹ́ mi nílùú Pọtá Hákọ́ọ̀tù yìí. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi mí jù ni pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo dárúkọ lókè yìí, èwo ni kí àwọn rà? Èsì mi ni pé ohun tó ń pa fíríìjì kọ́ ló ń pa tẹlifíṣàn.

Ìyá kan ní Máìlì 3, Dióbù, pè mí pé fíríìjì òun kò tutù mọ́. Ó ti so ó mọ́ sọ́ọ̀jì purotẹ́kítọ̀ olówó gọbọi, síbẹ̀ mọ́tò rẹ̀ ti jóná. Kì í ṣe pé ayédèrú ni wọ́n tà fún un. Iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n gbé fún un.

Inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ìkòkò dúdú tó wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì, ni mọ́tò náà wà. Fóòtì 230 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Ládùúgbò ìyá yìí, tó bá ti di alẹ́ tí gbogbo ilé tan iná, háàfù kọ́rẹ̀ǹtì ni wọ́n ń rí. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, 160 ni mo bá. Ẹ lè rò pé ìyẹn ṣì pọ̀, àmọ́ agbára tí mọ́tò fi ń yí máa ń yára dín ju fóòtì lọ. Ní 160, kò tó ìdajì mọ́. Mọ́tò kò ní lè gbéra, á kàn máa kùn, wáyà inú rẹ̀ á sì máa gbóná. Lẹ́yìn náà ẹ ó gbọ́ “tá!”: ohun kékeré tó ń ṣọ́ ooru rẹ̀ ló já iná. Bó bá tutù, á tún gbìyànjú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lálaalẹ́ nìyẹn títí wáyà fi jóná.

Ewu kejì ni kí wọ́n mú iná lọ, kí wọ́n sì dá a padà lójú ẹsẹ̀. Gáàsì apá kan kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ṣì le ju ti apá kejì lọ nígbà náà, ó sì máa ń gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí wọ́n tó dọ́gba. Bí mọ́tò bá fẹ́ gbéra kó tó dìgbà yẹn, ẹrù náà á wúwo jù fún un.

Sitabiláísà ló ń gbé fóòtì sókè, èyí tó bá sì ní bọ́tìnnì “Delay” á dá iná dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó fún fíríìjì. Ìyá náà wá ra ti 500. Mo ka ara fíríìjì rẹ̀, mo rí 0.8A. Ẹ fi 0.8 lọ́po 230, ó jẹ́ 184, ó dà bí ẹni pé 500 pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò bá ń gbéra, ó lè fa tó ìlọ́po mẹ́fà, ìyẹn sì lé ní 1,100. Mo ní kó lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí 2000, nítorí iye tí wọ́n kọ sára páálí kì í fi bẹ́ẹ̀ pé (ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà, ẹ má bínú). Ẹ tún wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá kọ 140-260V, tí iná sì bọ́ sí 120, kò lè gbà yín. Ẹ yọ fíríìjì.

Ti tẹlifíṣàn yàtọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn pẹlẹbẹ òde òní: púpọ̀ nínú wọn kọ 100-240V. Háàfù kọ́rẹ̀ǹtì kò dí irú wọn lọ́wọ́. Ohun tó ń pa wọ́n ni iná tó fò sókè lójijì, bíi ti mànàmáná tàbí ìgbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Sọ́ọ̀jì purotẹ́kítọ̀ ló ń gba irú ẹ̀ mú, àmọ́ ó ń gbó díẹ̀díẹ̀. Bí iná kékeré “Protected” ara rẹ̀ bá kú, ẹkitẹ́ńṣọ̀n lásán lẹ kù sí. Bí kò bá sì sí wáyà ilẹ̀ nínú ilé yín, ààbọ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe. Nígbà tí wáyà níútírà bá já lórí òpó, tí fóòtì lọ sókè tó sì dúró síbẹ̀, òun gan-an á jóná. Èyí tó máa ń já iná fúnra rẹ̀ bó bá ga jù, tí wọ́n ń pè ní gáàdì, ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sára ògiri.

Yú-pí-ẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún. Ti 650 tó wọ́pọ̀ kò lè gbé mọ́tò fíríìjì ìyá yẹn gbéra. Bó bá tilẹ̀ gbé e, iná tó ń ti inú bátìrì ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde kò dán bíi ti òpó, mọ́tò á máa gbóná lórí rẹ̀. Ó lè gbé tẹlifíṣàn fún bí ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ fi tan jẹnẹrétọ̀ kí bọ́ọ̀lù má bàa kọjá.