Bí A Ṣe Ń Bẹ Alábàáṣiṣẹ́ Ẹni Kí Ó Kọ Ìtàn Ìgbésí Ayé Wa Ní Ṣókí



Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí dá lórí ìwé kékeré kan tí olùdarí ètò máa ń kà kí olùbánisọ̀rọ̀ tó bọ́ sí orí pèpéle. Ojú a máa ti ọ̀pọ̀ wa láti kọ ọ́ fúnra wa, nítorí pé ìyìn ara ẹni kò dùn lẹ́nu. Nítorí náà, a máa ń bẹ ẹni tí a jọ ṣiṣẹ́ pé kí ó bá wa kọ ọ́. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n a máa ń sọ fún un pé, "Ẹ ṣáà mọ̀ mí, ẹ bá mi kọ nǹkan kan." Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Alábàáṣiṣẹ́ wa mọ ìwà wa, ó sì mọ iṣẹ́ wa láti ọjọ́ tí ó ti bá wa níbẹ̀. Kò mọ ọdún tí a wọlé ẹ̀kọ́, kò sì mọ ohun tí a kọ sí ara ìwé-ẹ̀rí wa. Ohun tí kò bá mọ̀, yóò méfò rẹ̀, ìfẹ́ tí ó ní sí wa yóò sì mú kí ó méfò rẹ̀ sókè.

Ẹ jẹ́ kí a fi olùkọ́ àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ìyá yìí ti fẹ̀yìntì, wọ́n wá pè é kí ó wá bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ ní Òṣogbo. Ó bẹ olùkọ́ kan tí ó kéré sí i, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ láti 2010, pé kí ó bá òun kọ ìtàn òun. Kò fún un ní àlàyé kankan. Olùkọ́ náà kọ ọ́ báyìí pé: "Ìyá wa kàwé gboyè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1983. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1984. Wọ́n di ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa ní 2006, àwọn ni wọ́n sì dá ilé ìkàwé wa sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní 1983, Yunifásítì Ifẹ̀ ni orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́. Ọdún 1987 ni wọ́n yí i padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, nítorí náà orúkọ àtijọ́ ni yóò wà lára ìwé-ẹ̀rí ìyá yìí. Bákan náà, kò sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1984. Oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n yọ ọ́ jáde lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìjọba Ọ̀yọ́ ni ó gba ìyá yìí síṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi ìtàn yìí wé ìwé-ẹ̀rí tàbí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ yóò rí i pé wọn kò bára mu, ó sì lè rò pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Adelé ni ìyá yìí jẹ́ ní 2006, fún oṣù 8 péré, nígbà tí ọ̀gá àgbà gba ìsinmi àìsàn. Ọ̀gá náà padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2009, kí ìyá tó gba ipò náà gan-an. Bí olùdarí ètò bá ka 2006 síta, ó ti gba ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni náà, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, lè jókòó sínú gbọ̀ngàn yẹn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ti ilé ìkàwé ńkọ́? Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje ni ó dá a sílẹ̀, ìyá yìí sì ni alága wọn. Ipò alága tó ohun tí a ń kọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ló ṣe é. Ẹ máa ṣọ́ àwọn ọ̀rọ̀ bíi "olùdásílẹ̀", "ẹni àkọ́kọ́" àti "àìmọye". Ibi tí ẹ bá ti rí wọn, ẹ béèrè pé: àkọ́kọ́ níbo? Láti ọdún wo? Ta ló kà á? Bí kò bá sí ìdáhùn, ẹ yọ ọ́.

Kí ni ìyá ìbá ti ṣe? Abala ìwé kan péré ni. Lórí rẹ̀, yóò kọ́kọ́ sọ ibi tí wọn yóò ti ka ìtàn náà, àwọn tí yóò gbọ́ ọ, àti bí yóò ṣe gùn tó. Fún ìṣẹ́jú kan, nǹkan bí 100 ọ̀rọ̀ ti tó. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́. Ẹ má fojú kéré èyí, nítorí pé ẹni kan náà lè jẹ́ Súlàímánù lórí ìwé kan, kí ó jẹ́ Súlàímọ́ọ̀nù lórí òmíràn. Yóò wá to ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọdún, láti ara ìwé-ẹ̀rí àti lẹ́tà iṣẹ́, kì í ṣe láti orí.

Nísàlẹ̀, yóò kọ ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n sọ. Ọjọ́ ìbí, orúkọ ìdílé ìyá ẹni àti nọ́ńbà fóònù kò yẹ níbẹ̀, nítorí pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni báńkì fi ń mọ oníbàárà, onígbàjùẹ̀ sì ń wá wọn. Bí ẹ bá ń tọ́ ọmọ òrukàn, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ọmọ náà wọ inú ìtàn yín. Ní ìparí, kí ó kọ ọ́ pé: "Ohun tí ẹ kò bá dá lójú, ẹ má méfò rẹ̀. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀, kí ẹ sì bi mí."

Nígbà tí ìwé bá padà dé, òótọ́ ọ̀rọ̀ nìkan ni kí ẹ fi bírò tún ṣe. Ẹ fi ìlò ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó kọ ọ́. Bí ẹ bá tún gbogbo gbólóhùn rẹ̀ kọ, ẹ ti padà di ẹni tí ń yin ara rẹ̀, kò sì ní fẹ́ bá yín kọ ọ́ mọ́.

Bí wọ́n bá tẹ̀lé èyí, ìtàn ìyá yóò kà báyìí: "Yunifásítì Ifẹ̀ ni ìyá wa ti gboyè ní 1983. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní 1984 lábẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n sì bá a lọ ní Ọ̀ṣun lẹ́yìn 1991. Wọ́n ṣe adelé ọ̀gá àgbà fún oṣù 8 ní 2006, wọ́n sì di ọ̀gá àgbà ní 2009. Àwọn ni alága ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje tí ó dá ilé ìkàwé wa sílẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìntì ní 2019, lẹ́yìn ọdún 35." Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní bọ̀wọ̀ fún ìyá, kò sì sí ẹni tí yóò dìde tako ó.

Ẹ kọ ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, kí ẹ sì tọ́jú abala ìwé yẹn. Nígbà tí wọ́n bá tún pè yín, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà nìkan ni ẹ óò fi kún un.

 Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òótọ́ ni kí wọ́n máa sọ nípa wa.