Ẹ Yin Tíṣà Bí Ó Ṣe Rí

Ọ̀rọ̀ tòní kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa yóò bá pàdé láìpẹ́. Tíṣà tó kọ́ yín ní girama fẹ́ fẹ̀yìn tì. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ti gba gbọ̀ngàn, wọ́n ti pín ankara lórí Wọ́sáàpù, wọ́n wá ní ẹ̀yin ni kí ẹ sọ̀rọ̀ ìyìn. Kí lẹ máa sọ?

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba ohùn sílẹ̀, kí n tún un ṣe, kí n sì fi sí fídíò. Níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, irú iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì báyìí máa ń wá sọ́dọ̀ mi dáadáa. Lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n kan fi ọ̀rọ̀ tó kọ fún tíṣà ìṣirò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó fẹ́ kí n gba ohùn òun sílẹ̀ kí wọ́n lè gbé e jáde níbi ayẹyẹ náà. Ó ti gbà kí n sọ ọ́ fún yín, bí n kò bá ṣáà ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí:

"Bàbá wa, òkun ìmọ̀ tí kì í gbẹ! Láti ìgbà tí ayé ti ṣẹ̀, kò tíì sí olùkọ́ bíi tiyín, kò sì ní sí mọ́. Ẹ kò bínú rí. Ẹ kò pẹ́ rí. Ó lé ní ogójì ọdún tí ẹ fi sìn wá. Gbogbo àwa tí ẹ kọ́ la ti di èèyàn ńlá. Ẹ̀yin lẹ san owó ilé ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọmọ tí kò ní. Láìsí yín, a kò bá ti ṣègbé!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ fún ojú ìwé méjì. Mo kà á sókè, mo sì wo aago: ìṣẹ́jú 7. Ìṣẹ́jú 3 péré ni wọ́n fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere pé ẹ̀gbọ́n yìí kò purọ́ láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yẹn ni. Ìfẹ́ náà ló wá tóbi ju ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ, ló bá lọ yá ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ yọ "bàbá" kúrò, ẹ fi "màmá" sí i, ọ̀rọ̀ náà ti di ti tíṣà mìíràn. Ẹ yọ ilé ẹ̀kọ́ kúrò, ẹ fi ilé ìfowópamọ́ sí i, ẹ lè kà á fún máníjà. Ìyìn tó bá gbogbo èèyàn mu kò tíì yin ẹnì kankan.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Ṣebí Yorùbá ni wá, ṣebí oríkì wa kún fún àsọdùn?" Òótọ́ ni pé oríkì máa ń gbé èèyàn ga. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i dáadáa. Ìlú tí ẹ ti wá ni oríkì ń pè, orúkọ baba ńlá yín ló ń dá, ó sì ń sọ ohun tí ó ṣe. Nígbà mìíràn, á tún fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ẹ ki oríkì ará Ìjẹ̀bú fún ará Ẹ̀gbá, kí ẹ wò ó bóyá orí rẹ̀ á wú. Kò ní wú, nítorí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tó ń mú orí wú nínú oríkì ni pé èèyàn gbọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìṣòro kejì ni àwọn tó jókòó sínú gbọ̀ngàn. Ìyàwó Tíṣà á wà níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á wà níbẹ̀. Àwọn tó jókòó ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú yín á wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ní "ẹ kò bínú rí", ẹni tó ti fi orí gba ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ rí á bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà yẹn lọ, ohun tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín náà á dà bí eré. Bí ẹ bá sì ní kò tíì sí olùkọ́ bíi tirẹ̀, ẹ ti bu gbogbo olùkọ́ tó wá bá a yọ̀ kù lójú ara rẹ̀. Inú ojú á máa ti òun fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹni tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, bàbá Fẹlá, ni ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́ Gírámà Ìjẹ̀bú-Òde láti 1918 títí di 1932. Ẹnìkan lè ní, "Òun ni bàbá ẹ̀kọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà." Ọ̀rọ̀ ńlá ni, ṣùgbọ́n kò mú nǹkan kan dání. Láti 1913 ni wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ yẹn sílẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó dé. Ẹ wá gbọ́ èyí: "Ó lo ọdún 14 pẹ̀lú wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí àwọn olùkọ́ Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1931, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́." Kò sí àsọdùn kankan níbẹ̀, síbẹ̀ ó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa sọ pé, "Háà, èèyàn yìí tóbi o." Ọkùnrin kan náà ni Fẹlá máa ń ròyìn pé ọwọ́ bàbá òun le, pé ẹgba rẹ̀ kì í ṣe eré. Ìyẹn kò já ipò rẹ̀ wálẹ̀. Ó kàn jẹ́ ká mọ̀ pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa. N kò tún ìwé rẹ̀ kọ fún un. Mo kàn fi fóìsì nóòtù bi í ní ìbéèrè lórí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fojú yín rí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ogójì ọdún. Ó lọ béèrè, ó sì bá a pé ọdún 31 ni Tíṣà fi ṣiṣẹ́, pé ọdún 19 nínú rẹ̀ ló lò ní ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọdún 19 nínú kíláàsì kì í ṣe kékeré, kò nílò kí ẹnikẹ́ni bu omi là á.

Mo bi í nípa owó tó san fún "gbogbo ọmọ". Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ó san owó ìdánwò àṣekágbá fún èmi. Mo tún mọ ẹnìkan." Mo ní kó sọ ti ara rẹ̀, kó fi ti ẹnìkejì sílẹ̀ àyàfi bí onítọ̀hún bá gbà. Àṣírí ẹlòmíràn kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣe ìyìn. Ẹ tún kíyè sí i pé "ó san án fún èmi" lágbára ju "fún gbogbo èèyàn" lọ, nítorí ẹlẹ́rìí náà ló dúró níwájú wa yẹn.

Mo wá bi í pé, "Báwo ló ṣe kọ́ yín ní ìṣirò gan-an?" Èyí ni ìbéèrè tó ṣí ilẹ̀kùn. Ó ní bí èèyàn bá gba ìṣirò sí òdì, Tíṣà kì í kàn fà á sọdá kó lọ. Á fi báírò pupa wá ìlà tí ọ̀nà ti yà gan-an, bóyá níbi tí ọmọ ti gbàgbé láti yí àmì ìyọkúrò padà. Á kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Padà sí ìlà kẹta." Ọmọ tó lé ní 40 ló wà ní kíláàsì yẹn, nóòtù kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe é fún.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí ọ̀rọ̀ yín." Ẹ gbọ́ ohun tó kọ lẹ́yìn ìyẹn:

"Ẹ káàsán, sà. Ọdún 19 lẹ fi kọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Mo wà lára àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ kò sọ fún mi rí pé n kò lọ́pọlọ. Ẹ máa ń kọ sínú nóòtù mi pé 'Padà sí ìlà kẹta', màá padà, màá sì rí i. Ọwọ́ yín le, sà. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ kọjú sí bọ́ọ̀dù mọ bí ṣọ́ọ̀kì yín ṣe ń fò. Ṣùgbọ́n ọdún tí bàbá mi kò níṣẹ́, ẹ̀yin lẹ san owó ìdánwò mi, ẹ kò sì mẹ́nu bà á títí dòní. Ìdí nìyí tí mo fi ń mẹ́nu bà á fún yín. Ilé ni mò ń kọ́ báyìí. Bí ìṣirò ilé kan kò bá dọ́gba, n kì í fa ìwé ya. Mo máa ń wá ìlà kẹta. Ẹ ṣeun, sà. Ẹ máa sinmi."

Èyí kò tó ìṣẹ́jú 3 nígbà tó kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ wo bí ó ṣe fi ti ṣọ́ọ̀kì sí i: gbólóhùn méjì péré ni, ó lè pa Tíṣà fúnra rẹ̀ lẹ́rìn-ín, oore ló sì tẹ̀ lé e. Ìdiwọ̀n tó yẹ ká lò nìyẹn. Bí ẹ bá ní ẹ̀dùn gidi lọ́kàn sí tíṣà yín, ọjọ́ ìfẹ̀yìntì kọ́ ni ọjọ́ tí ẹ ó gbé e jáde.

Ẹ má sì sá fún àsọdùn lọ kó sínú gbígbẹ. Ẹlòmíràn á kàn ka ọdún tó dé, ipò tó dì mú, ọdún tó lọ, bí ẹni ń ka ìwé ìwáṣẹ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí èèyàn níbẹ̀. Ọjọ́ àti iye ń ti ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ni. Ohun tó fọwọ́ ṣe, tí ẹ fojú rí, tí ó sì wà lára yín títí dòní, ni ọ̀rọ̀ náà.

Tí ẹ bá ti kọ tiyín tán, ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ ẹnìkan tí ẹ jọ jókòó ní kíláàsì yẹn. Bí ó bá ní "Ah, òun gan-an nìyẹn!", ẹ gba ohùn yín sílẹ̀. Bí ó bá ní "Ó dùn o", ẹ tún un kọ.

Èmi náà ní tíṣà kan tí yóò fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀, mo sì ti ń kọ ohun tí mo rántí sínú fóònù mi díẹ̀díẹ̀. Yin ni yin ni, kẹ́ni ó lè ṣe mìíràn. Ó dìgbà kan ná o.