Owó Inú Ìwé àti Owó Tí Ó Wọ Ọwọ́
Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Fadikpe, Minna

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí ní ìṣirò nínú, nítorí náà kí ẹni tí ó ní bírò mú un jáde.

Ọmọ wa a gba ìwé pé wọ́n fẹ́ gbà á síṣẹ́. Iye owó oṣù wà nínú rẹ̀, inú gbogbo ilé a sì dùn. Nígbà tí oṣù bá parí, iye tí ó bá ní báǹkì kì í ṣe iye tí ó kà nínú ìwé, ìgbà náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe ìṣirò. A fẹ́ kí á ṣe ìṣirò náà kí á tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí á sì mọ bí a ti ń kọ̀wé padà láti béèrè iye tí ó tó, lọ́nà tí ọ̀gá náà yóò fi rí i pé kì í ṣe ojúkòkòrò ni.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọmọ wa kan ń gbé Fadikpe níhìn-ín, ó mọ iṣẹ́ ìṣirò owó, ilé iṣẹ́ aládàáni kan ní òdìkejì ìlú sì fẹ́ máa san ₦200,000 fún un lóṣù. Ohun méjì ni wọn yóò yọ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Èkíní ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ fi náírà 8 sílẹ̀ nínú 100 náírà, lára owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ tí a bá pa pọ̀. Bí gbogbo ₦200,000 náà bá jẹ́ ti àwọn mẹ́ta yìí, ₦16,000 ni yóò lọ. Owó ọmọ náà ṣì ni, orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi ra gaàrí lónìí. Ọ̀gá náà yóò fi ó kéré tán náírà 10 nínú 100 kún un. Ẹ béèrè dáadáa bóyá 10 yìí wà lórí ₦200,000 ni, tàbí inú rẹ̀ ni wọn yóò ti yọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé kì í sọ ọ́.

Èkejì ni owó orí. Nínú òfin ọdún 2025, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí lọ́dún kò ní owó orí. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e, náírà 15 nínú 100 ni ìjọba ń gbà. Kí á tó kà á, a óò kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì, a óò sì yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé tí ènìyàn ń san, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Ẹni tí ń háyà ilé ni eléyìí wà fún, ó sì ní láti fi ìwé ẹ̀rí owó ilé hàn.

Ọmọ wa ń san ₦300,000 lọ́dún fún ilé, nítorí náà ₦60,000 ni yóò yọ. Owó ọdún kan jẹ́ ₦2,400,000. Yọ ₦192,000 ti ìfẹ̀yìntì àti ₦60,000 ti ilé, ó ku ₦2,148,000. Yọ ₦800,000 tí kò ní owó orí, ó ku ₦1,348,000. Owó orí rẹ̀ jẹ́ ₦202,200 lọ́dún, èyí ni ₦16,850 lóṣù. Nítorí náà, nínú ₦200,000, ₦167,150 ni yóò wọ ọwọ́ rẹ̀.

Ṣé yóò tó? Ó jókòó, ó sì kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀. Owó ilé lóṣù ₦25,000, iná, gáàsì àti omi ₦18,000, oúnjẹ ₦70,000. Ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ₦1,000 fún ọjọ́ 22, èyí jẹ́ ₦22,000. Fóònù ₦8,000, owó ilé ìwé àbúrò ₦20,000, ti bàbá àti ìyá ₦15,000, ìfipamọ́ fún àìsàn àti ọjọ́ iwájú ₦22,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦200,000 géérégé, ó sì dín ₦32,850.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọn a fi ₦32,850 kún ₦200,000, wọn a sì béèrè ₦232,850. Ṣùgbọ́n àfikún náà ni a óò yọ ìfẹ̀yìntì àti owó orí lára rẹ̀ pẹ̀lú! Bí ó bá gba ₦232,850, nǹkan bí ₦192,840 ni yóò rí. Nínú náírà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún un ní ipò tirẹ̀ yìí, kọ́bọ̀ 8 ni ti ìfẹ̀yìntì. Nínú kọ́bọ̀ 92 tí ó kù, owó orí mú 13.8, ó wá ku kọ́bọ̀ 78.2. Nítorí náà, kí ó pín ₦32,850 sí 0.782. Yóò rí ₦42,008. Iye tí ó yẹ kí ó béèrè ni ₦242,008.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi kọ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Alàgbà ọ̀wọ́n, mo dúpẹ́ fún ìwé yín, mo sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì àti owó orí, ₦200,000 yóò di ₦167,150 ní ọwọ́ mi. Iye tí mo nílò ní ọwọ́ lóṣù ni ₦200,000: ilé, iná àti omi ₦43,000, oúnjẹ ₦70,000, ọkọ̀ láti Fadikpe ₦22,000, fóònù, ẹbí àti ìfipamọ́ ₦65,000. Kí èyí tó lè rí bẹ́ẹ̀, owó inú ìwé ní láti jẹ́ ₦242,008. Mo so ìṣirò mọ́ ìwé yìí. Mo lè ti ìwé owó oṣù kan pa láìsí olùrànlọ́wọ́, mo sì ti ṣe é fún ọdún 4. Inú mi yóò dùn bí ẹ bá lè dá mi lóhùn kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé ó kó ẹbí àti ìfipamọ́ sí ojú kan. Ní tiwa, kò yẹ kí ọ̀gá mọ iye tí a ń fún ìyá wa, nítorí ọ̀gá mìíràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa dín in kù. Ẹ ṣàkíyèsí pẹ̀lú pé ó sọ ohun tí ó lè ṣe. Àìní nìkan kì í mú kí ènìyàn fi owó kún owó.

Iṣẹ́ ìjọba yàtọ̀. Ipò àti ìpele ni ó ń pinnu owó níbẹ̀, irú ìwé yìí kò sì lè yí i padà. Ohun tí a lè béèrè ni kí wọ́n ka ọdún tí a ti lò níbòmíràn mọ́ ìpele tí wọn yóò fi wá sí.

Ní ti ilé iṣẹ́ aládàáni, bí ọ̀gá bá ní òun kò lè san ₦242,008, kí ọmọ náà béèrè bóyá ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ń kọjá ní Fadikpe. Bí ó bá ń kọjá, ₦22,000 ti kúrò nínú ìnáwó rẹ̀, ₦178,000 ni ó sì nílò ní ọwọ́. Ó ku ₦10,850 lórí ₦167,150. Pín in sí 0.782, kí o fi kún ₦200,000. Owó inú ìwé yóò wá jẹ́ ₦213,875. Ọ̀gá náà kò ní san ₦28,133 tí ọkọ̀ náà gbà lẹ́nu rẹ̀, ọmọ wa kò sì ní pàdánù ohunkóhun, bí wọ́n bá ti kọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà sínú ìwé ìgbaniṣíṣẹ́.