Omi Ò Gbóná: Ṣáwà Oníná Ilé Wa ní Ẹnu Ọ̀wá

   Lónìí, ọ̀rọ̀ ilé ìwẹ̀ ni mo gbé wá, ọ̀rọ̀ náà sì ti gbówó lọ́wọ́ mi kí n tó lóye ẹ̀.

Ilé ẹbí wa wà ní Ẹnu Ọ̀wá, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngánràn. Ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, gbogbo ọmọ ẹbí ló ní yàrá níbẹ̀, wáyà kan lórí èkejì, páìpù kan lẹ́yìn èkejì. Òkè pátápátá ni tèmi wà. Lọ́dún tó kọjá, ìyá àgbà mi wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Oríkèé ń ro wọ́n, omi tútù kì í bá wọn lára mu. Èmi fúnra mi, bọ́ílìn-rìn ni mo máa ń sọ sínú korobá. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí Màmá máa gbé korobá omi gbígbóná nígbà tí mo bá wà níbi iṣẹ́. Ni mo bá ra ṣáwà oníná, èyí tí wọ́n máa ń kọ́ mọ́ ògiri, tí wọ́n ní kò nílò táńkì, pé o kàn máa ṣí i ni, omi á gbóná lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a so ó, mo ṣí i. Omi jáde. Mo fọwọ́ kàn án. Tútù. Mo yí bọ́tìnì rẹ̀ sí ibi tó ga jù. Tútù náà ni.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé iná pupa kékeré tó wà níwájú ṣáwà náà kò tàn rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Bí omi bá tutù, tí iná yẹn ò sì tàn, ó túmọ̀ sí pé ṣáwà náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí iná bá tàn, tí omi ń lọ́ wọ́rọ́ lásán, iṣẹ́ ló ń ṣe, agbára ni ò ká a. Àìsàn méjì ni, oògùn wọn kò sì jọra.

Oníṣẹ́ iná tí mo pè ṣí ẹ̀yìn ẹ̀, ó wò ó, ó ní, "Suwíìṣì inú ẹ̀ ni ò mú. Ẹ jẹ́ n so ó ní tààrà, á gbóná." Mo bi í pé kí ni iṣẹ́ suwíìṣì ọ̀hún gan-an. Ó ní omi ló ń tì í: bí omi bá ń ṣàn dáadáa, omi á ti rọ́bà pẹlẹbẹ kan, rọ́bà á ti suwíìṣì, iná á wá dé ara irin tó ń gbóná. Mo ní, "Bí omi bá wá dáwọ́ dúró ńkọ́?" Ó dákẹ́. Ẹ ò rí i? Ìdí tí wọ́n fi ṣe suwíìṣì yẹn gan-an nìyẹn. Bí irin yẹn bá ń gbóná tí omi ò ṣàn kọjá lára ẹ̀, omi ìwọ̀nba tó kù nínú ẹ̀ á hó, ike inú ẹ̀ á yọ́. Mo ní kó má so ó ní tààrà o. Ṣe Màmá ni kó wá dúró lábẹ́ ẹ̀?

Mo wá ka bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Wọ́n kọ `3.5kW`, `230V`, àti `0.02MPa`. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ìwọ̀n tí omi gbọ́dọ̀ fi tì í. Tí a bá fẹ́ sọ ọ́ kó yé wa, ojú omi inú táńkì gbọ́dọ̀ fi bíi mítà méjì ga ju ṣáwà lọ. Mo gun òrùlé lọ. Táńkì dúdú wa jókòó sórí òrùlé, ṣáwà sì wà lókè pátápátá lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí táńkì bá kún, omi fi mítà kan àti díẹ̀ ga jù ú lọ. Bó bá dé ìdajì, kò tó mítà kan. Ohun tó jẹ́ kó yà mí lẹ́nu ni pé ìbátan mi tó ń gbé nísàlẹ̀, tó ní irú ṣáwà yìí kan náà, tirẹ̀ ń tàn. Àjà méjì ló wà láàrin òun àti táńkì, omi á já wá pẹ̀lú agbára. Èmi tí mo sún mọ́ táńkì jù lọ ni omi mi rọ jù lọ.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ohun tí ò náwó. Mo tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ibi tí omi ń gbà wọlé, iyanrìn àti ewédò ló kún inú ẹ̀. Mo fi abẹ́rẹ́ gún àwọn ihò orí ṣáwà. Omi pọ̀ sí i díẹ̀, iná tàn nígbà tí táńkì kún, ó tún kú nígbà tí omi lọ sílẹ̀. Ẹnì kan ní ká gbé táńkì sókè sí i. Táńkì ọgọ́rùn-ún márùn-ún lítà, bó bá kún, kílò ọgọ́rùn-ún márùn-ún ni omi nìkan. Lórí òrùlé ilé àtijọ́? Ẹ jọ̀ọ́. Púlọ́ńbà fi pọ́ńpù kékeré kan sójú páìpù tó ń wọ ilé ìwẹ̀, èyí tó máa ń tan ara ẹ̀ bí omi bá ti ń lọ. Láti ọjọ́ yẹn, iná pupa ń tàn nígbàkigbà tí a bá ṣí i. Àìsàn kìíní ti lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí aago márùn-ún, Màmá wẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n ń súre fún mi. Ní alẹ́ ọjọ́ náà wọ́n pè mí láti inú ilé ìwẹ̀: "Ọmọ mi, omi yìí ń tàn mí jẹ ni."

Mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn iná. Oníṣẹ́ iná ló lò ó, ẹ má fọwọ́ ara yín kan ibẹ̀ bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n. Ní aago márùn-ún àárọ̀, fólítì 225 ló dé ara ṣáwà. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti tan fáànù, áyọ́ọ̀nù àti fìríìjì, ó jẹ́ 156. Èyí tí a máa ń pè ní háàfù-kọ́rẹ́ǹtì nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé bí fólítì bá dín díẹ̀, ooru á dín púpọ̀. Bí fólítì bá di ìdajì, ooru kì í di ìdajì, ìdámẹ́rin ló máa kù. Nítorí náà, ṣáwà tí wọ́n kọ `3.5kW` sí lára, ní 156, bíi 1.6 ló ń rí fi ṣiṣẹ́. Kò tó ìdajì.

Ẹ lè fi ife lítà kan àti aago fóònù wọn tiyín. Ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tí ife náà fi kún, ẹ ó mọ iye lítà tó ń jáde ní ìṣẹ́jú kan. Tiwa kún ní ìṣẹ́jú àáyá 15, ìyẹn lítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá fi 14 sọ kílówáàtì di púpọ̀, kí ẹ fi iye lítà pín in. Ohun tó bá jáde ni iye dígírì tí omi máa fi gbóná ju ti táńkì lọ. Omi táńkì wa jẹ́ bíi 27. Ní àárọ̀, ṣáwà ń rí bíi 3.35 lò, ó fi bíi dígírì 12 kún un, omi di 39, ó tura. Ní alẹ́, dígírì mẹ́fà péré ló fi kún un, omi di 33. Ara wa ń gbóná ní bíi 37, ìdí nìyẹn tí 33 fi dà bí ìtànjẹ lára Màmá.

Ṣé ẹ rí ibi tó ti mú mi? Bí mo bá dín omi kù sí lítà méjì, á tó 38 ní alẹ́, ṣùgbọ́n á máa kán bí omi orí òrùlé lẹ́yìn òjò. Omi tín-ín-rín tó ń lọ́ wọ́rọ́ yẹn, kì í ṣe pé ṣáwà bàjẹ́. Gbogbo ooru tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá sì tún dín in jù bẹ́ẹ̀, suwíìṣì á já, omi á tutù padà. (Ní Bùràsíìlì, níbi tí àwọn Àgùdà ti padà wá sí Pópó Àgùdà, irú ṣáwà yìí wọ́pọ̀ nínú ilé, ṣùgbọ́n tiwọn sábà máa ń ju kílówáàtì márùn-ún lọ. Bí mo bá gbé irú ẹ̀ wá sórí wáyà ilé wa, ẹ ó gbọ́ nípa wa nínú ìròyìn. Ẹ má sì ronú ai-bẹ́tà-páàsì-mai-nébọ̀, kò tó kílówáàtì kan.)

Ohun kan tún kù. Níbi tí iná ti ń wọ yàrá mi, nígbà tí ṣáwà ń ṣiṣẹ́ lálẹ́, 168 ni ẹ̀rọ kà. Lára ṣáwà, 156. Níbo ni fólítì 12 lọ? Oníṣẹ́ iná tọ wáyà náà lẹ́yìn. Wáyà tín-ín-rín ni, irú èyí tí wọ́n fi ń tan gílóòbù, nǹkan bíi mítà 25 ní gígùn. Ní àárín ọ̀nà, wọ́n ti lọ́ méjì pọ̀, wọ́n fi téèpù wé e, wọ́n sì ri í mọ́ ògiri. Téèpù náà ti yọ́. Ooru tó yẹ kó wà nínú omi Màmá ló ń jó ògiri wa. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Ìgbà yẹn ni Màmá wá rántí sọ fún mi pé lẹ́ẹ̀mejì, bí àwọn bá di táàpù mú, nǹkan ń ta àwọn lọ́wọ́. Wọ́n rò pé oríkèé ni. Iná ni! Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò tó yẹ kó wọ ilẹ̀, gígé ni wọ́n gé e dànù, nítorí ilé náà kò ní ẹ́ẹ̀tì rárá.

A pa gbogbo ẹ̀. A fa wáyà tó nípọn láti ibi mítà iná wá sí ilé ìwẹ̀ láìsí ìsopọ̀ kankan láàrin, a ri ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ nínú àgbàlá, a sì fi bùrékà tó máa ń já bí iná bá ń jò sí i. Fólítì méjì péré ló ń sọnù lójú ọ̀nà báyìí. Kò sì ta Màmá lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n omi alẹ́ ṣì jẹ́ 33, 34, nítorí háàfù-kọ́rẹ́ǹtì láti òde ni, kò sí wáyà tí mo lè rà tó máa wò ó.

Nígbẹ̀yìn, mo ta ṣáwà náà fún ìbátan mi kan tí iná àdúgbò ẹ̀ dára, mo fi owó kún un, mo ra oní-táńkì kékeré, lítà 15, kílówáàtì kan àti ààbọ̀. Ìyẹn kì í sáré. Bí iná bá dára, á fi bí ìṣẹ́jú 25 gbé omi dé 60. Ní háàfù-kọ́rẹ́ǹtì, á gbà á tó ìṣẹ́jú 50, ṣùgbọ́n á dé ibẹ̀. Bí a bá lú u mọ́ omi tútù, á tó bíi lítà 38 omi tó lọ́ wọ́rọ́ dáadáa, ó sì tó Màmá wẹ̀. Aago méje alẹ́ ni mo máa ń pe ilé pé kí wọ́n tan án. Màmá ti máa ń tan án ní aago mẹ́fà ààbọ̀ kí n tó pè.