Ìyàtọ̀ Tí A Kò Tíì Mọ Ìtumọ̀ Rẹ̀: Lẹ́tà sí Ìdílé Kan ní Ìsọlọ̀

Lẹ́tà tí olùdámọ̀ràn nípa jíìnì ń kọ sí ìdílé kì í ṣòro nígbà tí ohun tí àyẹ̀wò rí bá jẹ́ ohun tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti dájú. Bí ó ti rí pẹ̀lú AS àti SS nìyẹn, tí tọkọtaya àfẹ́sọ́nà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ń béèrè kí wọ́n tó fa ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó jìnnà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì ẹ̀jẹ̀, A di T, gbogbo dókítà ló sì mọ ohun tí ìyípadà náà ń fà. Èyí tó le ni lẹ́tà tí a ní láti kọ nígbà tí láàbù rí ìyàtọ̀ kan, ṣùgbọ́n tí kò rí ẹ̀rí tó láti sọ bóyá ìyàtọ̀ náà ń ṣe ibi tàbí kò ṣe nǹkan kan. VUS ni wọ́n ń tẹ̀ sórí ìwé èsì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àpẹẹrẹ kan tí a hun fún àlàyé ṣáájú. Obìnrin ẹni ọdún 38 kan ní Ìsọlọ̀ ní jẹjẹrẹ ọmú. Àbúrò ìyá rẹ̀ ti ní irú rẹ̀ ní ẹni ọdún 44, ó gba ìtọ́jú, ó sì wà láàyè. Obìnrin yìí ní àbúrò obìnrin méjì, ọ̀kan jẹ́ ẹni ọdún 33, èkejì 29. Èsì àyẹ̀wò dé sórí fóònù rẹ̀: kò sí nǹkan nínú BRCA1, ṣùgbọ́n VUS kan wà nínú BRCA2. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹbí ti túmọ̀ rẹ̀ sí pé “wọ́n ti rí i.” Àbúrò àgbà fẹ́ lọ yọ ilé-ẹyin rẹ̀. Ìyá wọn ń sunkún pé ìran òun ló kó bá àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí olùkọ lẹ́tà ní láti yàn ni orúkọ tí yóò pe ohun tí a rí. Bí ó bá pè é ní àbùkù tàbí àléébù, ó ti dájọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. “Ìyàtọ̀” ló tọ́. Ọ̀rọ̀ kejì kéré, ṣùgbọ́n òun ló gbé gbogbo lẹ́tà náà ró: “tíì.” “A kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀” lè dà bí ẹni pé dókítà ti sọ̀rètí nù, tàbí pé ó ń fi nǹkan pa mọ́. “A kò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀” ń sọ pé iṣẹ́ ṣì ń lọ lórí rẹ̀. Báyìí ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe lè bẹ̀rẹ̀:

“Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Àyẹ̀wò yìí kò rí ohun kankan tí a lè tọ́ka sí pé òun ló fa àìsàn yín. Ó rí ìyàtọ̀ kan tí a kò tíì mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí rẹ̀.”

Lẹ́yìn èyí ni àlàyé lè tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ BRCA2 ni láti bá ara so okùn àjogúnbá tó bá já nínú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn ìyípadà kan máa ń gé jíìnì náà kúrú, ìtumọ̀ irú wọn kì í sábà fara sin. Àwọn mìíràn kàn fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn ni. Ẹni tó ń ka Yorùbá mọ̀ pé “aiyé” àti “ayé” kò yàtọ̀ nínú ìtumọ̀, ṣùgbọ́n pé àmì kan péré ló sọ “ọkọ” di “ọkọ̀.” Àlejò tí kò gbọ́ èdè náà kò lè fi ojú lásán mọ èyí tó jẹ́ àyípadà àkọtọ́ àti èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ipò àlejò yẹn ni láàbù wà níwájú VUS.

Ọ̀nà kan tí láàbù fi ń mọ̀ ni kíkà. Ìyàtọ̀ tó bá pọ̀ lára àwọn tó lera kò jọ ohun tó ń fa àrùn tó le. Ṣùgbọ́n ara ta ni a ti kà á? Àwọn tí ìran wọn ti Yúróòpù wá ló pọ̀ jù nínú àkójọ tí ayé ń lò, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ jíìnì pọ̀ ní Áfíríkà ju ibikíbi lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ H3Africa ka jíìnì ènìyàn 426 láti inú ẹ̀yà 50 ní Áfíríkà, tí wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 2020, wọ́n rí ìyàtọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí kò sí nínú àkójọ rí. Ìdí nìyí tí VUS fi máa ń pọ̀ lórí ìwé èsì àwọn ènìyàn dúdú. Àìkà ló fà á. Kò túmọ̀ sí pé ara wọn kún fún àrùn.

Àṣìṣe irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àwọn ìyàtọ̀ tí wọ́n ti kà sí ohun tó ń fa àrùn iṣan ọkàn wọ́pọ̀ lára àwọn ènìyàn dúdú tó lera. Wọ́n ti sọ fún àwọn aláìsàn dúdú kan pé àrùn ìdílé ni tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a ka àwọn ènìyàn wa. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018 kó obìnrin Nàìjíríà 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ mọ́ 997 tí kò ní in, kí a lè fi ẹgbẹ́ kan wé èkejì. Nínú àwọn tó ní àrùn náà, bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìyípadà tó dájú nínú BRCA1, bí ìdá 4 nínú BRCA2.

Ọ̀nà kejì wà nínú ẹbí fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni lẹ́tà gbọ́dọ̀ ti ṣọ́ra jù. Àwọn àbúrò méjèèjì yóò fẹ́ ṣe àyẹ̀wò VUS náà. Kò ní wúlò fún wọn: èyí tí a kò bá bá a lára rẹ̀ kò tíì bọ́, nítorí a kò mọ̀ bóyá ìyàtọ̀ náà ló fa nǹkan; èyí tí a bá a lára rẹ̀ yóò máa gbé ẹrù tí kò sẹ́ni tó lè wọ̀n. Ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ lè kọ́ wa ní nǹkan ni ìyá, lẹ́yìn náà àbúrò ìyá. Bí ìyá kò bá ní in, ọ̀dọ̀ baba ló ṣeé ṣe kí ó ti wá, nítorí ọkùnrin ń fún ọmọ ní BRCA2 gẹ́gẹ́ bí obìnrin ṣe ń fún un. Ẹkún ìyá náà lè má ní ìdí rárá. Bí ìyá bá ní in, tí àbúrò rẹ̀ tó ti ṣàìsàn kò ní in, ẹ̀rí díẹ̀ nìyẹn pé ìyàtọ̀ náà kò jẹ̀bi. Díẹ̀ ni, nítorí jẹjẹrẹ ọmú lè mú obìnrin láìsí àjogúnbá. Bí àbúrò náà bá sì ní in, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pariwo. Ọ̀kan nínú méjì ni àǹfààní pé kí ọmọ ìyá ẹni ní ohun tí a jogún lọ́dọ̀ òbí, bí ẹni sọ owó ẹyọ sókè.

Ohun tí àwọn àbúrò lè ṣe kò dúró de VUS. Ìtàn ẹbí tó: ẹ̀gbọ́n ní 38, àbúrò ìyá ní 44. Ọ̀pọ̀ dókítà ọmú máa ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí ẹni tó kéré jù tó ní àrùn náà nínú ẹbí, èyí tí í ṣe ọdún 28 nínú ìdílé yìí. Àwọn méjèèjì ti kọjá rẹ̀. Nítorí náà, kí lẹ́tà náà rán wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ọmú lóṣù yìí.

Ìpínrọ̀ ìkẹyìn jẹ́ ti ìpamọ́. Ó yẹ kí orúkọ láàbù, ọjọ́ èsì àti orúkọ ìyàtọ̀ náà wà níbẹ̀ ní kíkún, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, nítorí òun ni a ó fi wá a nínú àkójọ lọ́jọ́ iwájú. Kí nọ́ńbà fóònù ẹni méjì nínú ẹbí wà lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn, nítorí pé ayálégbé ń kó, nọ́ńbà sì ń yí padà. Kí ọjọ́ ìpadàbọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọdún kan tàbí méjì sí i. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 2018, bí ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn VUS tí láàbù tún ìtumọ̀ wọn ṣe ló bọ́ sí ìhà àìléwu; àwọn tó kù bọ́ sí ìhà ewu. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú gbogbo VUS ni a ti tún ìtumọ̀ rẹ̀ ṣe nígbà náà; àwọn yòókù ṣì wà níbi tí wọ́n wà.

Bí ti ìdílé Ìsọlọ̀ yìí bá bọ́ sí ìhà àìléwu, lẹ́tà kejì yóò kúrú. Yóò sọ pé ìyàtọ̀ náà ti di ohun tí a lè gbàgbé, pé kí àwọn àbúrò má sì jáwọ́ nínú àyẹ̀wò ọmú wọn, nítorí ìtàn ẹbí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.