Owó Káàdì Tó Ń Jáde Lóru

Ọ̀rọ̀ káàdì ìpè àti dátà la mú wá, ṣùgbọ́n n kò wá sọ fún yín pé kí ẹ má pe ẹbí yín mọ́. Owó tí ẹ fi pè, ẹ mọ̀ ọ́n. Èyí tí mò ń wá ni owó tó ń jáde nígbà tí fóònù wà lórí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Báyìí la ṣe ń mú un. Lálẹ́, ẹ kọ́kọ́ san gbèsè káàdì tí ẹ bá yá, nítorí bí ẹ bá ṣì jẹ gbèsè, inú káàdì tuntun ni wọ́n ti máa yọ ọ́, ìṣirò yín á sì dàrú. Ẹ ra ₦500, ẹ tẹ *310#, ẹ kọ iye tí ẹ bá rí sílẹ̀, kí ẹ sì pa dátà. Ẹ má fojú kéré pípa yẹn o: bí dátà tí ẹ rà bá tán tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì ń ṣiṣẹ́, owó ìpè gan-an ló lè máa jẹ. Láàárọ̀, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ tún tẹ *310#. Bó bá dín, ẹ fi *323# wò ó bóyá dátà ló tún ara rẹ̀ rà. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan ń bẹ tí wọ́n ti fi nọ́ńbà yín sí.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ìbàdàn, ṣe àpẹẹrẹ. ₦500 ló fi sùn, ₦430 ló bá láàárọ̀. Nígbà tó yẹ àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí kì í kà wò, ó rí i pé ìròyìn bọ́ọ̀lù ń gba ₦50 lójúmọ́, orin tí àwọn tó ń pè é ń gbọ́ ń gba ₦20. Màmá kì í wo bọ́ọ̀lù! Ọmọ ló ń fi fóònù ṣeré, ó tẹ ohun tó yọ sójú rẹ̀. ₦70 fún ọgbọ̀n ọjọ́, ₦2,100 nìyẹn.

Ó tún máa ń yá káàdì ₦200 lẹ́ẹ̀mẹjọ lóṣù. Bí wọ́n bá ń yọ ₦15 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, ₦240 ti lọ. Èyí tó yà á lẹ́nu jù ni ti báǹkì. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló máa ń tẹ nọ́ńbà báǹkì láti wo iye tó kù. Láti oṣù kẹfà ọdún 2025 ni àwọn báǹkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí owó iṣẹ́ yìí jáde láti inú káàdì ìpè, ₦6.98 fún ìṣẹ́jú méjì. Ìgbà ọgọ́ta lóṣù sún mọ́ ₦419. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,759, kò sì tíì pe ẹnìkan.

Láti dá iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró, *305# ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ yọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, wọ́n á ní ó ti parí. Ìpolówó nìyẹn ń dí lọ́nà. Iṣẹ́ tí wọ́n ti fi yín sí tẹ́lẹ̀ lè máa gbowó lọ. Òru kan ṣoṣo kò sì tó, torí àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ẹ tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Ti áàpù yàtọ̀ díẹ̀, nítorí inú káàdì báǹkì ni tirẹ̀ sábà máa ń gbà jáde. Ìyá wa yìí gba áàpù kan tó ń tún fọ́tò aṣọ ṣe, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ méje. Ó lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó pa á rẹ́ lórí fóònù. Oṣooṣù ni ₦2,900 ń jáde, nítorí pípa áàpù rẹ́ kì í fagi lé àdéhùn. Lórí Áńdíróìdì, ẹ ṣí Play Store, ẹ tẹ àwòrán yín lókè, ẹ wọ "Payments & subscriptions", lẹ́yìn náà "Subscriptions". Lórí áífóònù, ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ orúkọ yín, ẹ wá "Subscriptions". Ẹ fagi lé e níbẹ̀. Ẹ ó ṣì lè lò ó títí ọjọ́ tí ẹ ti sanwó fún yóò fi pé.

Bí owó káàdì bá ṣì ń lọ lẹ́yìn *305#, ẹ pe 300, ẹ sọ orúkọ iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́. Bí wọn kò bá dáhùn bó ṣe yẹ, ẹ pe 622 ti NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù; kì í gbowó ìpè.