Irin Pọ̀ Kọ́ Ni Ààbò

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ẹrù bá wà lórí bíìmù, òkè rẹ̀ á máa fún pọ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa fà. Kọnkéré gba fífún, kò gba fífà, ìdí nìyẹn tí irin fi ń wà nísàlẹ̀. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń fa ọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ní bí ọkàn ẹni kò bá balẹ̀ lórí bíìmù, kí a fi irin kún un, irin kì í pọ̀ jù. Mo ní irin tó pọ̀ jù lè pa onílé. Ẹ jẹ́ ká fi bíìmù kan yanjú ẹ̀.

Bíìmù náà gùn ní mítà 6, ó sì kàn jókòó lórí òpó méjì. Ó fẹ̀ ní mílímítà 225, bíi búlọ́ọ̀kù oníínṣì mẹ́sàn-án, ó sì ga ní 500. Láti òkè rẹ̀ dé àárín irin jẹ́ 450. Ẹrù orí rẹ̀, pẹ̀lú àfikún ààbò, jẹ́ kílónútìnì 30 lórí mítà kọ̀ọ̀kan. Agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ ni M = wL²/8, ìyẹn kílónútìnì-mítà 135. Kọnkéré rẹ̀ jẹ́ oní-25, irin rẹ̀ jẹ́ oní-460.

Bí a bá ṣe é bí ìwé BS 8110 ṣe là á sílẹ̀, àlàfo tó wà láàárín ibi tí kọnkéré ti ń tì àti ibi tí irin ti ń fà jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 380. Ẹ fi àlàfo yìí pín 135, ẹ ó rí i pé irin gbọ́dọ̀ fa kílónútìnì 355. Lẹ́yìn tí a bá yọ ti ààbò, irin yìí lè fa nútìnì 400 lórí mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 888 la nílò. Ọ̀pá oní-20 mẹ́ta jẹ́ 942. Ó tó. Ìwọ̀n irin sí kọnkéré jẹ́ 0.93 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní ká fi mẹ́fà sí i, kí ó lè le. Ẹ wò ó dáadáa. Kọnkéré á fọ́ bí ó bá sún kì ní 0.0035 gígùn rẹ̀. Irin á jọ̀wọ́ ara rẹ̀ bí ó bá gùn sí i ní nǹkan bíi 0.002 gígùn rẹ̀. Bí méjèèjì bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíìmù ìdọ́gba nìyẹn. Nínú bíìmù tiwa, ìdọ́gba wà níbi irin 1,630. Ìwé kò tilẹ̀ jẹ́ ká súnmọ́ ibẹ̀, nǹkan bíi 1,270 ló ti dá wa dúró. Ọ̀pá mẹ́rin ṣì wọlé. Mẹ́fà jẹ́ 1,885. Níbẹ̀, irin kò ní jọ̀wọ́, kọnkéré òkè ni yóò kọ́kọ́ fọ́, láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí irin bá kéré sí ti ìdọ́gba, bíìmù á kọ́kọ́ tẹ̀, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á là, ilẹ̀kùn á máa há, àwọn ará ilé á sì ráyè sá jáde.

Mo rí i lójú ara mi níbi iṣẹ́ kan, lórí irú bíìmù yìí gan-an. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ fi ọ̀pá mẹ́ta kún mẹ́ta tí mo yà, ó ní òun ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Omi ti pọ̀ jù nínú kọnkéré wọn, nígbà tí a sì fọ́ kúùbù rẹ̀ ní ọjọ́ 28, oní-15 ló jẹ́. Bí kọnkéré bá rọ̀ báyìí, ìdọ́gba náà á sún wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, láti 1,630 sí 978. Ọ̀pá mẹ́ta tí mo yà fúnra mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ìdọ́gba, mẹ́fà tiẹ̀ ti kọjá rẹ̀ tipẹ́. Mo ní kí wọ́n wó o. Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́, ẹ ń tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà, ẹ kì í béèrè pé báwo ni kọnkéré ibi iṣẹ́ ṣe rí. Ìyẹn kò dára rárá.

Bí ẹrù bá pọ̀ ju agbára bíìmù lọ, ẹ mú un ga sí i, tàbí kí ẹ fi irin sí òkè rẹ̀ náà.

Irin tó kéré jù náà léwu: bí kọnkéré bá là, ohun tó ń fà á á bọ́ sórí irin lójijì, irin tó tín-ín-rín á sì já. Fún irin oní-460, ó kéré tán, 0.13 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú bíìmù wa, 146 ni, ọ̀pá oní-10 méjì sì tó o. Ní ti èyí tó pọ̀ jù, ìwé kò gbà ju mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí kọnkéré lè ráyè wọ àárín irin.

Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, ẹ kọ́kọ́ béèrè èsì kúùbù, kí ẹ tó gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀pá kan ṣoṣo kún ti inú àwòrán.